Ìbàdí tó ń yẹ̀ bí ọmọ bá ń rìn: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

“Kí ló dé tí ìbàdí ọmọ tí mo yà fi ń yẹ̀ nínú géèmù, tí kì í yẹ̀ nínú Aseprite tí mo ti yà á?”

Ẹ ṣeun, ó ti yanjú. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kubwa ló rí i: `Trim Cels` ló ń gé etí férémù kọ̀ọ̀kan kúrò. Férémù tí ẹsẹ̀ ti yà gba ìlà òòró 7 dé 28, àárín rẹ̀ jẹ́ 17.5, èyí tí ẹsẹ̀ ti pàdé gba 10 dé 22, àárín rẹ̀ jẹ́ 16. Àárín yẹn ni `Centered` inú Godot, tí mo fi ń ṣe géèmù, ń dì mú, ìbàdí á wá fi píṣẹ́lì kan àbọ̀ yẹ̀. Ní báyìí, gbogbo férémù wà ní 32×32 láìgé, mo pa `Centered`, mo sì fi `Offset` sí (-16, -30).

Ẹni tó ní ká to àtẹ́lẹsẹ̀ léra, ìyẹn dáa fún ìdúró. Nínú ìrìn, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí. Ìbàdí ni ká fi sójú kan, lápá ọ̀tún àti òsì nìkan. Kí orí máa lọ sókè sódò díẹ̀, ìrìn nìyẹn.

Àǹtí tó ní tiwọn ń gbọ̀n lórí fóònù, ó jọ pé kámẹ́rà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í lọ́tọ̀.

Ó ku `flip_h` tó ń yí ọmọ kọjú sí òdìkejì: ó ń gbé ìbàdí láti ìlà 16 lọ sí 15. Ẹ̀gbọ́n ní ká fẹ kánfáàsì sí 33. Àbúrò kan ní Kaduna kò fara mọ́ ọn rárá.