Ọ̀rẹ́ mi ń fún mi ní 4 nínú 5 lórí gbogbo ìbéèrè: báwo ni kí ìwé máàkì ìdánrawò íntáfíù ṣe rí?

Ọmọ Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò fún iṣẹ́ olùtọ́jú ilé-ẹrù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú ló ń bá mi dánra wò, a sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó kọ sínú ìwé máàkì ni "ìgboyà", "ìmọ̀" àti "ọ̀rọ̀ sísọ", 1 dé 5. Ó fún mi ní 4 lórí gbogbo rẹ̀. Mi ò wá mọ ohun tí mo fẹ́ tún ṣe.

Àǹtí Mọ̀pà: Fi aṣọ, ìjókòó àti ẹ̀rín kún un, kí gbogbo rẹ̀ pé 100. Kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù kí o máa kà á. Kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ kí o lè gbọ́ ara rẹ.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ nípa gbígbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń kàwé, ojú rẹ̀ á máa lọ sísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì dọ́gba bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni kó kọ, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ní ọ̀gangan ojú.

Ọmọ Kàbà, ẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ kọ́. "Ìgboyà" ò ṣe é kà, ìyẹn ló fi ń sá sí 4. Ohun tí etí lè gbọ́ ni kẹ́ ẹ máa fún ní máàkì, 0 dé 3. Mẹ́ta ti tó: ṣé ó dáhùn ohun tí wọ́n bi í? Ṣé ó sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe? Ṣé ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe parí, pẹ̀lú iye tàbí ẹ̀rí? 0 ni kò sọ ọ́ rárá, 1 ni ó kàn fẹnu bà á, 2 ni ó sọ ọ́ àmọ́ kò yéni tán, 3 ni ó yéni láìjẹ́ pé èèyàn tún bi í. Ní ẹ̀gbẹ́ máàkì, kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ ọ̀rọ̀ tí o sọ gan-an. Tí kò bá rí ọ̀rọ̀ kankan kọ, kò gbọdọ̀ fún ọ ní ju 1 lọ.

Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Sọ ìgbà kan tí ìwé àti ẹrù kò bára mu." Ká ní o dáhùn pé: "A rí i pé ẹrù kò pé, a yanjú ẹ̀, inú ọ̀gá sì dùn." Ìdáhùn sí ìbéèrè, 2. Ohun tí ìwọ ṣe, 0, torí "a" ni gbogbo rẹ̀. Ìparí, 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3 nínú 9.

Wàá tún un sọ: "Ìwé sọ pé páálí 64 ló wà, mo ka 60. Mo yẹ ìwé ìjáde ọjọ́ mẹ́ta wò, mo rí páálí mẹ́rin tí wọ́n gbé jáde láìkọ ọ́. Mo ní kí ẹni tó bá gbẹ́rù máa fọwọ́ sí i kó tó jáde. Nígbà tí a kà á lóṣù kejì, ó bára mu." Ìyẹn ń lọ sí 9. Àpẹẹrẹ nìyí o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ni kó o rántí iye rẹ̀. Tí o bá hùmọ̀ ọ́, ìbéèrè kejì á tú ọ fó.

Kí ọ̀rẹ́ rẹ ní ìbéèrè àtẹ̀lé méjì lọ́wọ́: "Kí ni ìwọ ṣe?" àti "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó yanjú?" Tó bá ní láti lò ó, máàkì yẹn kò lè jẹ́ 3 mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni kó fi bi ọ́, torí òun ni wọ́n máa lò lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ lè fi èdè wa ṣe àlàyé lẹ́yìn.

Ọmọ Ìyàrá: Tèmi ojúkojú ni, ní Lọ́kọ́ja, èèyàn mẹ́ta ló máa jókòó. Ṣé mo lè lo ìwé yìí?

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: O lè lò ó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà nìkan ni kó o yọ kúrò.

Ọmọ Kàbà: Ẹ ṣé gan-an. Ìgbà wo ni kó kọ máàkì? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń já.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àánú á ṣe é. Ìbéèrè márùn-ún, ìṣẹ́jú méjì fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kò ju ìdajì wákàtí lọ. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń parí ní ìṣẹ́jú 40, nítorí náà ẹ ṣe àlàyé lórí ìpè mìíràn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wúwo, kí ọ̀rẹ́ rẹ pa fídíò tirẹ̀, kí ìwọ fi tìrẹ sílẹ̀. Tí ohùn bá já, kó tún ìbéèrè bi ọ́, kó má yọ máàkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, ẹ gbé fóònù kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó gba ohùn. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń gba àwòrán ìpè láìgba ohùn rẹ̀.

Àǹtí Mọ̀pà: Mo gba ti ìwé kíkà. Àmọ́ kó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i ṣáájú, kí ẹ̀rù má bà á.

Bọ̀dá Ẹ̀gbẹ̀: Èmi ò fara mọ́ ọn. Kó má mọ ìbéèrè.

Ọmọ Ìyàrá: Kó mọ̀ ọ́n nígbà àkọ́kọ́, kó má mọ̀ ọ́n nígbà kejì ńkọ́?

Ọmọ Kàbà: A máa dán ti Ọmọ Ìyàrá wò lálẹ́ òní. Mo ti ya ìwé náà: ìlà márùn-ún, òpó mẹ́ta, pẹ̀lú àyè fún ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ.