Ṣé ètò kọ̀ǹpútà "mọ" fọ́tò gidi yàtọ̀ sí "ayédèrú"?

Atúmọ̀-èdè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ àlàyé kan lórí ètò tó ń wo àwòrán láti sọ bóyá kámẹ́rà ló yà á tàbí kọ̀ǹpútà ló dá a. Mo kọ ọ́ pé: "Ètò náà mọ fọ́tò gidi yàtọ̀ sí ayédèrú." Ṣé ó tọ́?

Onífọ́tò: "Ayédèrú" kò bá a mu. Èèyàn lè gbé fọ́tò ìjàm̀bá ọdún tó kọjá jáde, kó ní àná ló ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló yà á, ètò yìí ò sì ní rí nǹkan kan sọ sí i. Ipa iṣẹ́ ló ń wá. Púpọ̀ nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń dá, kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀ ẹ́, fífẹ̀ yẹn sì máa ń fi àpá tóńtó sílẹ̀ léraléra, bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Kámẹ́rà náà ní àbùkù tirẹ̀ tó máa ń hàn nínú gbogbo ohun tó bá yà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí o! Wọ́n fi irú ètò bẹ́ẹ̀ wo fọ́tò ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ mi, ó ní ìdá 87 nínú 100, kọ̀ǹpútà ló dá a. Ṣé kọ̀ǹpútà ló bí wọn ni?

Onífọ́tò: Ṣé Wátsáàpù ló gbà wá?

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi sì ti fi nǹkan dán ojú wọn díẹ̀ nínú fọ́tò náà.

Onífọ́tò: Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Wátsáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́, àpá kéékèèké tí kámẹ́rà fi sílẹ̀ wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń gbé lọ. Ẹ fi èyí tó ṣì wà nínú fóònù tó yà á wò. Bí iye náà bá já wálẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ló ba tàkọ́kọ́ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí n ò fi fẹ́ "mọ̀". Ìfura ni 87 yẹn.

Olùkọ́: Kí ló le níbẹ̀? Ẹ ka ìka ọwọ́! Bó bá pé mẹ́fà, kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àwòrán àfẹ̀rọdá".

Onífọ́tò: Ẹ̀yin Olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìka yẹn ti ń di ti àtijọ́, àwọn tuntun sábà máa ń ya márùn-ún pé. Ẹ̀rọ sì ni kámẹ́rà náà.

Olùkọ́: Ó dáa, kámẹ́rà ń "yà", kọ̀ǹpútà ń "dá".

Onífọ́tò: Ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà náà ń "yà". Èyí tó tún le jù: ní 2023, ẹnì kan mú àwòrán òṣùpá, ó sọ ọ́ di bàìbàì, ó gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó sì fi fóònù Sáńsúǹgì yà á láti òkèèrè. Fóònù náà fi kòtò òṣùpá tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ṣé yíyà nìyẹn àbí dídá?

Olùkọ́: Háà. Ẹ jẹ́ kí n ro ìyẹn ná.

Atúmọ̀-èdè: Mo ti yí i padà: "Ètò náà ń fura pé kọ̀ǹpútà ló dá àwòrán náà." Mo ti yọ "ayédèrú". Orúkọ fún ti òṣùpá yẹn ni n ò tíì rí.