Orílẹ̀-èdè wo ni kí n yàn lẹ́yìn rigirẹ́ṣọ̀n?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin onímọ̀ ìwádìí òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Nínú rigirẹ́ṣọ̀n mi, bí owó epo rọ̀bì ṣe ń pọ̀ ni ìjọba tiwa-n-tiwa ń dín kù, àmọ́ Nọ́wè jìnnà réré sí ìlà. Mo yọ ọ́ kúrò, ìlà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Mo wá wo ìtàn rẹ̀: ìjọba tiwa-n-tiwa ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó rí epo Ekofísìkì ní 1969. Àlàyé yìí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, ṣùgbọ́n inú Nọ́wè ni mo ti rí i, Nọ́wè kò sì lè jẹ́rìí sí i. Àyè orílẹ̀-èdè kan péré ló kù fún mi láti wádìí jinlẹ̀. Ṣé èyí tó wà lórí ìlà ni kí n mú, kí n lè rí bí owó epo ṣe ń ṣiṣẹ́, àbí òmíràn tó jìnnà sí i, kí n fi dán àlàyé tuntun yìí wò?