Awakọ̀ mẹ́rin ṣàìsàn lálẹ́ kan: báwo lẹ ṣe ń tún ìwé iṣẹ́ tò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Gáréèjì bọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń pín iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀. Lálẹ́ yìí, mẹ́rin nínú àwọn tó yẹ kó wọlé láàárọ̀ ọ̀la pè pé ara àwọn ò yá. Awakọ̀ méjì péré ni mo ní nílẹ̀ fún pàjáwìrì.

Mo ti fi wọ́n sí iṣẹ́ aago 4:45 àti 5:10, torí ẹni tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ bá já kulẹ̀, ibi iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ aago 6 méjì ló kù. Awakọ̀ alẹ́ tó parí ní 00:40 kò lè wọlé títí di 10:40: wákàtí 10 ni òfin ní kó fi sinmi. Wọ́n gbà ká dín in sí 8½ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi 9:10 ṣe?

Mo wá ń rò ó láti gé iṣẹ́ méjèèjì sí wẹ́wẹ́, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ tàwọn tó mọ ojú ọ̀nà náà. Àmọ́ tí ẹnì kan bá wakọ̀ kọjá wákàtí 5½ láìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ti rúfin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ yìí, ṣé ẹ máa ń gé e báyìí ni, àbí ẹ máa ń yọ ìrìnàjò kan lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ti ń tẹ̀ léra?