Ọṣẹ ₦61,400,000 tí n kò tà

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọṣẹ ìfọṣọ là ń ṣe, èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ní 2023, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì owó orí pé ọjà tí mo tà ní 2022 jẹ́ ₦61,400,000. Orí garawa àdín ni mo jókòó sí nígbà tí mo kà á tán. Ẹ̀bi mi náà wà níbẹ̀: n kò fi ìṣirò ọdún náà ránṣẹ́, torí mo gbọ́ pé, nígbà náà, ilé iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ kò ju ₦25,000,000 lọ kì í san owó orí èrè. Wọ́n bá gba sitétímẹ́ǹtì báńkì mi, wọ́n ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, wọ́n ní ọjà ni gbogbo rẹ̀.

Akáńtáǹtì mi ní tí mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà àtakò pé "ó ti pọ̀ jù," omi ni mo ń bu sínú agbọ̀n. Kí n sọ iye tí èmi gbà pé ó jẹ́, àti ìdí rẹ̀. Alẹ́ méjì la fi fa ìlà sábẹ́ owó lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦19,200,000 jẹ́ owó tí mo ń gbé láti báńkì mi kan sí èkejì. ₦6,000,000 jẹ́ ẹ̀yáwó. ₦900,000 jẹ́ tìráńsífà tó kùnà tó sì padà wá. ₦11,500,000 sì jẹ́ owó àwọn ọlọ́ṣẹ ẹgbẹ́ mi, tí a dá jọ láti ra àdín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku ₦23,800,000. Akáńtáǹtì wá ní kí n fi ₦700,000 tí àwọn oníbàárà san lọ́wọ́, tí kò dé báńkì, kún un. Àyà mi já, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦24,500,000.

Bàbá Búrẹ́dì
Èmi náà rí i o! Ìjọba ìbílẹ̀ ló mú ìwé owó pátákó ilé búrẹ́dì mi wá, pátákó tí ìjì ti wó lulẹ̀ láti ọdún méjì.

Ọmọ Òkè-Adó
Ẹ̀yin màmá, ẹ kàn fi ìṣirò yín ránṣẹ́, wọ́n á pa tiwọn rẹ́ fúnra wọn. Lẹ́tà àtakò kò pọn dandan.

Akáńtáǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì
Àbúrò, apá kan lo mú. Ìṣirò gbọ́dọ̀ lọ, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú. Ọjọ́ 30 lẹ́tà àtakò ní, ọjọ́ tí ìwé wọn tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni wọ́n sì ti ń kà á. Tó bá kọjá láìsí ìdí gidi, iye tí wọ́n fojú díwọ̀n náà ló dúró. Ẹni tó bá gba ìwé ní géètì, kó kọ déètì sí i lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín nígbà tí ẹ bá fi lẹ́tà sílẹ̀. Bàbá Búrẹ́dì, tiyín yàtọ̀ o. Ìjọba ìbílẹ̀ lẹ máa bá sọ ọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ṣé wọn ò fura pé ₦24,500,000 fi díẹ̀ wà lábẹ́ ₦25,000,000?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ
Ah, ẹ̀gbọ́n, ojú wọn mú un kíá! Obìnrin kan tó ń yẹ fáìlì wò rẹ́rìn-ín, ó ní "ó mà ṣe wẹ́kú o." Kọ́sítíìkì tí a fi ń ṣe ọṣẹ ló gbà mí. Àpò kan, kílò 25, kì í fún mi ju páálí 22 lọ, páálí kílò 10. Ìwé tí a ń kọ ọṣẹ sí wà níbẹ̀, epo ti rin ín gbingbin. Páálí kan jẹ́ ₦6,000 lọ́dún náà. Kí n tó lè ta ₦61,400,000, màá nílò nǹkan bí àpò 465. Rìsíìtì àpò 190 ni mo kó kalẹ̀, àpò mẹ́rin sì ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ọdún parí. Obìnrin náà gba kakulétọ̀, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Owó ẹgbẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Wásáàpù nìkan ni mo kọ́kọ́ mú lọ, wọ́n kọ̀ ọ́. Rìsíìtì ẹni tó ta àdín fún wa, pẹ̀lú ìwé tí àwọn ọlọ́ṣẹ fọwọ́ sí pé àwọn gba ìpín wọn, ni wọ́n gbà. Wọ́n tún ìwé kọ, owó orí èrè lọ sílẹ̀ pátá. Owó ìtanràn ìṣirò tó pẹ́ ni mo san: ₦25,000 oṣù àkọ́kọ́, ₦5,000 oṣù kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ Òkè-Adó
Fáàtì ńkọ́?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ
Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ìwé méjì ló wà nínú àpòòwé náà, èkejì sọ pé kí n san fáàtì ₦4,605,000. Mo rò pé lẹ́tà kan ti bo méjèèjì. Ọjọ́ 34 ni mo tó kọ tirẹ̀.

Akáńtáǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì
Nọ́ńbà orí ìwé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àtakò kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dárúkọ tirẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún àfikún ọjọ́ lórí ìwé, kí ẹ sọ ohun tó fà á. Ìwé tí wọ́n tún kọ yẹn, ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá fi ìwé kọ̀ ọ́, ọjọ́ 30 míì ni ẹ ní láti dé ìgbìmọ̀ ẹjọ́ owó orí. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á gbà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ
Mo ti so ó mọ́ ọn. Wọn ò tíì dáhùn.

Bàbá Búrẹ́dì
Ìyá Ọlọ́ṣẹ, èló ni páálí kan báyìí?