Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi dẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin: kí ló fà á?

Ìyá Ìbejì (Líìdìsì): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù kẹsàn-án ni mo ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n kí oṣù kìíní tó parí, ìdí rẹ̀ ti dẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé ara ń hàn, irun funfun tín-ín-tín sì ń yọ jáde lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń lúwẹ̀ẹ́, n óò sì jókòó sínú omi gbígbóná tó ń hó kùṣọ̀ kùṣọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà fún ìṣẹ́jú 20. Mo máa ń fi òrí para kí n tó wọlé, torí pé kílórínì ń mú ara mi gbẹ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Kúnlé: Kílórínì nìkan ló ṣe é, ẹ̀yin ìyá wa. Òrí kì í ba aṣọ jẹ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ti ń fi í para. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ náà kí kílórínì lè jáde.

Àǹtí Rónkẹ́ (Bámíǹgámù): Kúnlé, o gba ìdajì. Aṣọ òwú àti àdìrẹ ni àwọn ìyá àgbà wọ̀, kò sí ẹlasiténì nínú wọn. Mo ti ń rán aṣọ ijó àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fún ọdún 16, irun funfun tí Ìyá Ìbejì rí yẹn sì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Náílọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹlasiténì tín-ín-tín sì wà láàárín rẹ̀, òun ló ń nà tó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tí kílórínì bá ti jẹ ẹ́, á já sí wẹ́wẹ́, orí rẹ̀ á sì yọ síta bí irun. Náílọ́ọ̀nù ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí aṣọ náà kò fi ya, àmọ́ kò sí ohun tí yóò fà á padà mọ́.

Ní ti òrí, kì í já okùn náà bíi kílórínì. Ńṣe ni ọ̀rá rẹ̀ ń wọ inú ẹlasiténì, tí á wú u, tí á sì sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Òróró àgbọn, àdí àti ìpara oòrùn ń ṣe bákan náà. Ẹ wo okùn èjìká àti abẹ́ itan: bí ibẹ̀ bá dẹ̀ ju ibòmíràn lọ, ọ̀rá ló ṣe èyí tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí àti ẹ̀yìn ni ẹ dárúkọ, ìyẹn ibi tí aṣọ ti ń nà jù tí ẹ bá jókòó. Omi gbígbóná yẹn ni mo fura sí, nítorí pé ooru ń mú kí kílórínì yára ṣiṣẹ́, ẹ sì tún na aṣọ náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20.

Bàbá Tóbi (Úsítìnì): Ẹ ṣeun. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ funfun ti ọmọ mi ní àbàwọ́n bí ìpẹtà níbi ọrùn. Mo fi bílíìṣì pa á, àbàwọ́n náà kò lọ, ọrùn aṣọ sì dẹ̀. Ṣé kílórínì adágún náà ni?

Àǹtí Rónkẹ́: Rárá, bàbá. Àwọn ìpara oòrùn kan ní èròjà tó ń di àwọ̀ ìpẹtà bó bá pàdé irin inú omi. Bílíìṣì tí ẹ fi pa á, kílórínì tó le gan-an ni, òun ló jẹ ọrùn aṣọ náà.

Ìyá Ìbejì: Kí ni kí n wá ṣe? Mi ò lè jẹ́ kí ara mi máa ya.

Àǹtí Rónkẹ́: Èyí tó ti dẹ̀ kò ní àtúnṣe, ẹ máa wọ̀ ọ́ wọ omi gbígbóná. Fún tuntun, ẹ dúró lábẹ́ ṣáwà kí ẹ tó wọ adágún kí aṣọ náà lè mu omi tútù yó, nítorí pé aṣọ tó ti yó kò ní fa omi kílórínì tó aṣọ gbígbẹ. Bí ẹ bá jáde, ẹ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ olómi díẹ̀ fọ̀ ọ́ nínú omi tí kò ju 30°C lọ, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì ká a, kí ẹ má sì lọ́ ọ. Ẹ sá a síbi òjìji. Ẹ má gbé e lé rédíétọ̀ tàbí sínú ẹ̀rọ ìgbẹ́ṣọ. Òrí, ẹ fi para lẹ́yìn tí ẹ bá ti wẹ̀.

Kúnlé: Ara wọn ń kọ́? Òrí tí wọ́n fi para ṣáájú ló ń dènà kílórínì.

Àǹtí Rónkẹ́: Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni èmi pẹ̀lú ti ń ṣiyèméjì. Ẹ lè fi pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ fo ibi tí aṣọ bò. Tàbí kí ẹ wá aṣọ tí wọ́n kọ pọliẹ́sítà àti PBT, ìyẹn oríṣi pọliẹ́sítà kan tó ń nà díẹ̀, nìkan sí lára: kò ní ẹlasiténì rárá, ó sì ń pẹ́ gan-an, àmọ́ kì í nà tó èyí tí ẹ mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti wo èyí tó bàjẹ́: náílọ́ọ̀nù 78%, ẹlasiténì 22%. Mo wọ ti PBT wò lọ́sàn-án yìí. Ó há mi nítan, mo sì ń rò ó bóyá kí n gba èyí tó tóbi díẹ̀ sí i.