Kọ̀ǹpútà mi ń kú bí mo bá ti fẹ́ gbé fídíò jáde

Ẹlẹ́rọ Lágéré: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe ní Lágéré, Ifẹ̀ níbí. Bí mo bá ń tẹ̀wé, kọ̀ǹpútà mi ò ní ṣe nǹkan kan. Kí n ní kó gbé fídíò jáde báyìí, kò ní pẹ́, á kú pátápátá, láìkọ nǹkan kan sójú. Bí mo bá sì tàn án lójú ẹsẹ̀, á tún yára kú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní iná ìjọba ni, mo ra yúpíẹ́ẹ̀sì, owó gidi, ó ṣì ń kú. Ìyá ìyàwó ń pè mí láràárọ̀, ó ní mo fẹ́ jẹ owó òun. Ó ti sú mi.

Màmá Tọ́lá: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Láptọ́ọ̀pù tèmi náà ń kú bẹ́ẹ̀, bátìrì ni wọ́n ní kí n pààrọ̀.

Jídé Iléṣà: Páwà pákì ni. Pààrọ̀ ẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ: Ẹ má tíì ná owó rẹ̀. Ooru ló jọ lójú mi. Gbé HWMonitor, tó ń ka bí púrósẹ́sọ̀ ṣe gbóná tó, sí i. Èló ló ń kà nígbà tí o ò ṣe nǹkan kan, èló ló sì kà kó tó kú?

Ẹlẹ́rọ Lágéré: Ẹ kú iṣẹ́, sà. 61 nígbà tó wà lásán, 99 kó tó kú. Wíńdòsì náà kọ Kernel-Power 41. Ṣé páwà kọ́ nìyẹn?

Bàbá Ẹ̀rọ: 41 ò sọ ohun tó pa á. Ó kàn ní kọ̀ǹpútà tún tàn láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. 99 yẹn ni kí o wò. Púrósẹ́sọ̀ á kọ́kọ́ dín eré kù kó lè tutù. Bí kò bá tutù, á pa gbogbo ẹ̀ kó má baà jóná.

Jídé Iléṣà: Páwà pákì ni mo wí. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ: Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tìyẹn lè kú nígbà tí púrósẹ́sọ̀ ṣì wà ní 65.

Ìyábọ̀: Eruku ọyẹ́ ti kún inú ẹ̀, ẹ sì ń ra yúpíẹ́ẹ̀sì! Ẹ ò kì í nu ẹ̀rọ ni?

Ẹlẹ́rọ Lágéré: Ẹ má bú mi. Mo máa ń fẹ́ ẹ ní búlówà. Fáànù ń dán.

Bàbá Ẹ̀rọ: Òkè fáànù lo ń rí. Tú fáànù kúrò lórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá máa fẹ́ ẹ, fi ìka di abẹ fáànù mú kó má yí.

Ẹlẹ́rọ Lágéré: Háà! Eruku dì mọ́ àárín irin yẹn bí ẹní. Mo ti kó o kúrò. Ó pẹ́ díẹ̀ sí i báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì dé 96, ó tún kú. Ọmọkùnrin tó fi ráàmù kún un fún mi lóṣù tó kọjá náà yọ irin yẹn, kò sọ pé eruku wà níbẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ: Ó yọ ọ́? Ṣé ó fi pésìtì tuntun, èyí tó ń gbé ooru púrósẹ́sọ̀ lọ sínú irin, sí i kó tó dá a padà?

Ẹlẹ́rọ Lágéré: Ó ní èyí tó wà níbẹ̀ ṣì tó.

Bàbá Ẹ̀rọ: Ìyẹn lo ì bá ti kọ́kọ́ sọ. Pésìtì tó ti gbẹ, tí wọ́n ṣí, tí wọ́n tún tẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ ti wọ àárín rẹ̀, ooru ò sì ní ráyè gòkè sínú irin. Tan ẹ̀rọ náà díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pa á, yọ wáyà iná. Yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kó tó gbéra, má fà á lójijì. Fi sípírítì nu ojú irin àti ojú púrósẹ́sọ̀ mọ́, jẹ́ kó gbẹ. Kán pésìtì tó tó ẹ̀wà kékeré kan sáàárín ojú púrósẹ́sọ̀. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró, tẹ èyí tó kọjú síra níkọ̀rọ̀ pọ̀, kí o sì wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù bóyá gbogbo wọn ti wọlé.

Ẹlẹ́rọ Lágéré: Ẹsẹ̀ kan ò wọlé rárá, sà! Mo ti ṣe é. Fídíò náà jáde tán, 79 ló ga jù. Ìyá ìyàwó ti gbà á.

Jídé Iléṣà: Ẹ ṣì wo páwà pákì yẹn o.

Màmá Tọ́lá: Bàbá Ẹ̀rọ, ti láptọ́ọ̀pù tèmi ńkọ́? Ó ń gbóná ní itan mi.